Bí fọ́tò ojú ènìyàn ṣe ń di àwòrán pẹ́ńsù

Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín imú àti etí. Síbẹ̀, bí a bá fi ẹ̀dà fọ́tò kan lé orí fọ́tò ọ̀hún, tí a yí ẹ̀dà náà padà bíi nẹ́gẹ́tíìfù, tí a sì sọ ọ́ di bàìbàì, ìlà á yọ létí imú, lábẹ́ ètè àti níbi tí irun ti pàdé iwájú orí, bí ẹni pé ayàwòrán ló fà á. Ìṣirò kékeré kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ìṣirò náà á mọ ìdí tí iṣẹ́ fi ń bàjẹ́ nígbà mìíràn.

Àwọ̀ la kọ́kọ́ ń yọ kúrò, kí fọ́tò ku dúdú, funfun àti eérú. Bí àwọ̀ bá ṣẹ́kù, pupa àti búlúù á máa yọ létí àwọn ìlà. Fọ́tò yìí ni ìpele ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìpele òkè, a ó fi `Invert` yí ti òkè padà kí dúdú di funfun, kí funfun di dúdú, a ó sì yan ọ̀nà tó máa gbà dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀: `Dodge` nínú GIMP, tàbí `Color Dodge` nínú Photoshop. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo fọ́tò á pòórá, ojú ìwé á funfun báláú. Ẹni tí kò ṣe é rí lè rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí òjìji ojú bá ṣì hàn gbangba, ìpele òkè kò yí padà dáadáa, tàbí kó má bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ìgbà tí a bá fi `Gaussian Blur` sọ ìpele òkè di bàìbàì ni ìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Kí ló fà á? Àwọn ojú kéékèèké tí à ń pè ní písẹ́lì ló para pọ̀ di fọ́tò, nọ́ńbà sì ni ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ọ̀kan: 0 ni dúdú pátápátá, 255 ni funfun pátápátá. `Dodge` a máa sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ di ìlọ́po 255, á wá fi ohun tó kù pín in nígbà tí a bá yọ nọ́ńbà òkè kúrò nínú 255. Nítorí pé a ti yí ìpele òkè padà, ohun tó kù yẹn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju fọ́tò àkọ́kọ́ tó ti di bàìbàì. Sísọ nǹkan di bàìbàì náà kò ju pé kí ojú kọ̀ọ̀kan gba ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín ti gbogbo aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni à ń bi ojú kọ̀ọ̀kan: ṣé o dúdú ju àwọn tó yí ọ ká lọ?

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí irun ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irun jẹ́ 40, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ 180. Láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, 180 wà láàárín 180, èsì sì jẹ́ 255: funfun. Ní ààlà gan-an, àwọn aládùúgbò para pọ̀ di bí 110. Ojú tó wà lápá irun á di 40 × 255 ÷ 110, ìyẹn bí 93, eérú tó dúdú díẹ̀. Ojú tó wà lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kọjá 400, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó funfun ju 255 lọ, a ó sì gé e síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi máa ń wà lápá ibi tó dúdú nìkan. Bí a bá tún wọnú irun síwájú, tí àwọn aládùúgbò ti sún mọ́ 60, èsì á di 170. Nígbà tó bá yá, 40 ló máa yí 40 ká, irun á sì funfun padà.

Àwọn tó ń fi kóòdù ṣiṣẹ́ kì í tilẹ̀ wulẹ̀ yí nǹkan kan padà. Wọ́n a pín in tààrà:

```python
import cv2
g = cv2.imread("oju.jpg", cv2.IMREAD_GRAYSCALE)
b = cv2.GaussianBlur(g, (0, 0), 7)
cv2.imwrite("ila.png", cv2.divide(g, b, scale=255))
```

Nọ́ńbà 7 yẹn ló ń pinnu bí ìlà ṣe máa nípọn tó. Fún ojú ènìyàn tó fẹ̀ tó bí 1000 písẹ́lì, láti 5 sí 10 ló sábà máa ń dára. Bó bá kéré jù, ìlà á tín-ín-rín, ihò ara nìkan ni yóò máa hàn. Bó bá pọ̀ jù, òjìji á padà wọlé, iṣẹ́ á sì jọ fọ́tò tó ti ṣá.

Ibi tó ṣókùnkùn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ojú kan tó jẹ́ 197 láàárín 200 á di 251, ojú ènìyàn kò lè rí ìyẹn. Ojú tó jẹ́ 27 láàárín 30 á di bí 230, bẹ́ẹ̀ 3 náà ni ìyàtọ̀ méjèèjì. Ìdọ̀tí, ìyẹn àwọn písẹ́lì tí nọ́ńbà wọn kàn ṣèèṣì yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wọn, tó fara pamọ́ sínú òkùnkùn fọ́tò á wá yọ bí ìyẹ̀fun èédú lábẹ́ àgbọ̀n àti lọ́rùn. Bó bá jẹ́ fáìlì `JPEG` tí wọ́n ti fún pọ̀ jù, àwọn àpótí kéékèèké olójú 8 lọ́nà 8 ló máa hàn níbẹ̀. Inú fọ́tò àkọ́kọ́ la ti ń tún un ṣe, nípa dídín ìdọ̀tí náà kù kí a tó ṣe ẹ̀dà. Lẹ́yìn tí ìlà bá ti yọ, ó ti pẹ́ jù.

Ní báyìí, ìlà ti wà, ṣùgbọ́n irun funfun, òjìji kò sí mọ́. Ìlà tó ń dábùú ara wọn, bí èyí tí ayàwòrán fi ń kun òjìji, la ó fi dá ìyẹn padà. A ó da ìdọ̀tí sórí ìpele funfun tuntun, a ó fi `Motion Blur` fà á sí igun 45, a ó sì fún un ní ìyàtọ̀ dúdú àti funfun tó le títí yóò fi di ìlà pẹ́ńsù. Ìpele kejì á gba igun 105. Bí méjèèjì bá dábùú ara wọn ní 90 gẹ́lẹ́, àwọ̀n ẹnu fèrèsé ni wọ́n máa jọ. Ìkẹta á sùn gbalaja. `Multiply`, ọ̀nà ìdàpọ̀ tó ń jẹ́ kí dúdú hàn, kí funfun má sì hàn, ni gbogbo wọn máa wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbòjú tó ń jẹ́ kó hàn níbi tí fọ́tò bá ti dúdú dé ìwọ̀n kan nìkan.

Ìwọ̀n yẹn la gbọ́dọ̀ mú láti ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ bà bá jẹ́ 180, tí èyí tó wà lójìji jẹ́ 110, tí abẹ́ àgbọ̀n jẹ́ 70, tí irun sì jẹ́ 40, ìpele ìlà àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ 145, èkejì lábẹ́ 90, ẹ̀kẹta lábẹ́ 55. Àárín méjì-méjì là ń mú. Bí a bá wá fi 145 yìí kan náà ṣe fọ́tò ẹni tó dúdú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jẹ́ 95, tí ti òjìji jẹ́ 55, ìlà á bo gbogbo ojú rẹ̀, kò ní sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á mọ́. Ti ẹni yìí, 75 ni.

Etí ìbòjú náà gbọ́dọ̀ di bàìbàì díẹ̀ kí ìlà lè máa tán díẹ̀díẹ̀, kó má gé lójijì. Ẹyinjú àti eyín ni kí a fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú pa rẹ́ lójú ìbòjú pẹ̀lú ọwọ́, torí funfun ojú tó bọ́ sínú òjìji lè bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n, ẹni náà á sì wá dà bí ẹni tí àìsàn ń ṣe.

Ohun tí kò ṣeé fi ẹ̀rọ yìí ṣe ni kí ìlà tẹ̀ lé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀. Gbọọrọ ni ìlà wa máa ń lọ, nígbà tí ayàwòrán á tẹ ti tirẹ̀ yí ká. Ẹni tó bá ní sùúrù lè pín ìbòjú àkọ́kọ́ sí méjì, kó fún ọrùn ní igun tó yàtọ̀ sí ti ojú, àgbọ̀n á sì ya kúrò lára ọrùn láìsí pé a tún fa ìlà kankan sí i.