Báǹkì alárinà: ìlà tí dísáínà máa ń gbàgbé nínú ímeèlì ìgbowó

Báǹkì alárinà ni báǹkì tó dúró láàárín báǹkì ẹni tó ń sanwó lókè òkun àti báǹkì ẹni tó ń gbowó nílé. Dísáínà tó jókòó sí Bódìjà n'Íbàdàn, tó ya lógò fún oníbàárà kan ní Toronto, lè má gbọ́ orúkọ báǹkì yìí rí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni owó náà máa gbà kọjá. Bí ímeèlì dísáínà kò bá dárúkọ rẹ̀, báǹkì Toronto á yan ọ̀nà tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni owó ti sábà máa ń dín kù, tàbí kó há sọ́nà.

Báǹkì Nàìjíríà tó bá ń gba dọ́là ní àkáǹtì tirẹ̀ nínú báǹkì ńlá kan lókè òkun, New York ló sì sábà máa ń jẹ́. Tí oníbàárà bá san dọ́là 600, inú àkáǹtì báǹkì wa ní New York ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni báǹkì wa yóò wá kọ iye náà sí àkáǹtì dísáínà n'Íbàdàn. Kò sí owó bébà kankan tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. SWIFT, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Belgium, ni ọ̀nà tí àwọn báǹkì fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ló ń jẹ́, kì í ru owó.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ímeèlì náà nìyí, kí oníbàárà lè dà á kọ bó ṣe rí. Àwọn nọ́ńbà àti kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ kì í ṣe ti báǹkì kankan, àpẹẹrẹ ni wọ́n.

```
Beneficiary name: (orúkọ bó ṣe wà ní báǹkì)
Beneficiary address: (àdírẹ́sì ilé, Ibadan, Nigeria)
Account number (USD): 0123456789
Bank SWIFT/BIC: ABCDNGLA
Intermediary bank SWIFT/BIC: WXYZUS33
Charges: OUR
Reference: Invoice 014, logo and packaging design
```

Orúkọ tí báǹkì mọ̀ ọ́n sí ni kí dísáínà kọ, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń lò lórí ìkànnì. Bí orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì kò bá bára mu, báǹkì lè dá owó náà padà, wọ́n á sì tún yọ owó iṣẹ́ lórí ìdápadà ọ̀hún. Nọ́ńbà oní-10 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àkáǹtì dọ́là, èyí tí a ń pè ní dọ̀mù. Ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà àkáǹtì náírà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báǹkì kan náà ló ni méjèèjì, ọ̀pọ̀ sì ti ṣe àṣìṣe níbẹ̀ torí pé nọ́ńbà náírà ló wà lórí ahọ́n wọn.

Kọ́ọ̀dù SWIFT máa ń jẹ́ àmì 8 tàbí 11, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Mẹ́rin àkọ́kọ́ dúró fún báǹkì, méjì tó tẹ̀ lé e dúró fún orílẹ̀-èdè. Bí ti báǹkì rẹ kò bá ní NG níbẹ̀, kọ́ọ̀dù mìíràn lo dà kọ. Kí dísáínà má wá ti alárinà lórí ìkànnì àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀ka báǹkì rẹ̀ ni kó ti gbà á, kó sì sọ pé ti dọ́là ni òun ń fẹ́, torí alárinà fún pọ́n-ùn àti yúrò lè jẹ́ báǹkì mìíràn ní ìlú mìíràn.

Oníbàárà láti Yúróòpù yóò béèrè IBAN. Nàìjíríà kò lò ó. Kí ímeèlì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba: kí oníbàárà kọ́kọ́ yan Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, kí àpótí tó ń béèrè IBAN lè yí padà sí ti nọ́ńbà àkáǹtì.

Ìlà tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti `Charges`. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lè wà níbẹ̀. `OUR` ni pé ẹni tó ń ránṣẹ́ yóò san owó iṣẹ́ gbogbo báǹkì ojú ọ̀nà. `SHA` ni pé yóò san ti báǹkì tirẹ̀ nìkan, àwọn tó kù á sì yọ tiwọn lára owó náà bó ṣe ń kọjá. `BEN` ni pé ẹni tó ń gbà ni yóò san gbogbo rẹ̀. Bí ímeèlì kò bá sọ nǹkan kan, `SHA` ni ọ̀pọ̀ báǹkì máa ń lò.

Ká ní oníbàárà Toronto san dọ́là 600 pẹ̀lú `SHA`. Báǹkì Kánádà kò ní ọ̀nà tààrà sí alárinà báǹkì wa, nítorí náà owó gba ọwọ́ báǹkì méjì kọjá. Ọ̀kan yọ dọ́là 15, èkejì yọ 20. 565 ló wọ àkáǹtì. Oníbàárà búra pé 600 lòun san, òótọ́ sì ni: ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ 600. Ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ báǹkì tó gbowó ló fi hàn ohun tí wọ́n yọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀dà yẹn ni kí dísáínà béèrè lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀. MT103 ni àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì sábà máa ń pè é.

Iye tí wọ́n ń yọ kì í sábà dín kù torí pé iṣẹ́ kéré. Bí dísáínà bá gba ìdajì ṣáájú àti ìdajì lẹ́yìn, dọ́là 300 lẹ́ẹ̀mejì, 265 ló máa rí nígbà kọ̀ọ̀kan, 530 lápapọ̀. Àádọ́rin dọ́là ti lọ dípò márùndínlógójì. Síbẹ̀ èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe iṣẹ́ fún àjèjì láìgba ìdajì ṣáájú. Kó béèrè `OUR`, tàbí kó fi dọ́là 35 kún ìnfóìsì kọ̀ọ̀kan, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún oníbàárà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. `OUR` pàápàá ní ibi tó mọ: báǹkì Nàìjíríà lè ṣì gba owó tirẹ̀ nígbà tí owó bá wọlé, àwọn báǹkì kan lókè òkun kò sì ní fún oníbàárà láàyè láti yàn án.

Owó máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ kan sí márùn-ún. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kò ní kúrò lójú kan títí di Mọ́ńdè. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí dísáínà ní kí oníbàárà béèrè UETR lọ́wọ́ báǹkì tirẹ̀. Àmì 36 ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà pẹ̀lú ìlà kékeré láàárín, òun ni báǹkì fi ń mọ ibi tí owó há sí. Nígbà mìíràn kò há rárá, báǹkì Ìbàdàn ló ń dúró de ìnfóìsì tó fi hàn pé iṣẹ́ ni owó náà wà fún. Ìdí nìyẹn tí ìlà `Reference` fi gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ tí a ṣe àti nọ́ńbà ìnfóìsì, kó má kàn jẹ́ `payment`.

Gbólóhùn kan tún wà tí kò gbọdọ̀ wọ́n nísàlẹ̀ ímeèlì náà: nọ́ńbà àkáǹtì yìí kò ní yí padà nípasẹ̀ ímeèlì. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń wọ inú ímeèlì ẹni, wọ́n á dúró títí ìnfóìsì yóò fi jáde, wọ́n á wá fi nọ́ńbà tiwọn ránṣẹ́ bí ẹni pé dísáínà ló kọ ọ́. Kí oníbàárà tó bá rí nọ́ńbà tuntun pe fóònù tí ẹ ti jọ ń lò tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì tuntun náà, kó sì jẹ́ kí dísáínà ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkáǹtì náà fún òun kó tó sanwó.