Títo Búlọ́ọ̀kù Símẹ́ńtì: Ìgbàmú, Mọ́tà àti Ìlà Tó Tẹ́jú

Búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ni èyí tí a fi yanrìn, símẹ́ńtì àti omi díẹ̀ po, tí a sì tẹ̀ jáde nínú mọ́ọ̀dù. Ní Nàìjíríà, èyí tó wọ́pọ̀ jù gùn ní mìlímítà 450, ó sì ga ní 225. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ó máa ń yàtọ̀: oníǹṣì mẹ́sàn-án jẹ́ 225, oníǹṣì mẹ́fà sì jẹ́ 150.

Bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń gba ara wọn mú

Nínú ìlànà tí a ń lò jù, àárín búlọ́ọ̀kù ìlà òkè ni ó máa ń bọ́ sórí ojú ìpàdé búlọ́ọ̀kù méjì tó wà nísàlẹ̀, kí ẹrù tó wà lórí búlọ́ọ̀kù kan lè pín sórí méjì. Bí ojú ìpàdé bá to lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sí ohun tó so apá ọ̀tún mọ́ apá òsì ju mọ́tà lọ, ibẹ̀ ni ògiri sì sábà máa ń sán ní tààrà nígbà tí ìpìlẹ̀ bá rì díẹ̀.

Igun ilé ni a ti ń mọ̀ bóyá ìgbàmú yìí yóò pé. Oníǹṣì mẹ́sàn-án kì í fún bíríkìlà ní wàhálà níbẹ̀, nítorí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀ gan-an: bí búlọ́ọ̀kù ògiri kejì bá dábùú igun, ìdajì ti dé fúnra rẹ̀. Ti oníǹṣì mẹ́fà kò rí bẹ́ẹ̀. Mìlímítà 150 péré ni ó máa ń gbà ní igun, nítorí náà a ó gé ègé búlọ́ọ̀kù tó tó 60 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú mọ́tà, kí ìlà náà tó padà sí ìdajì. Bí a kò bá fẹ́ gé e, a lè gbà kí ìgbàmú jẹ́ ìdámẹ́ta gígùn búlọ́ọ̀kù jálẹ̀ ògiri náà, èyí tó ṣì ṣe é gbà.

Nínípọn mọ́tà

Símẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́fà ni àpòpọ̀ tó wọ́pọ̀. Mìlímítà 10 ni nínípọn tí a máa ń fojú sùn fún mọ́tà abẹ́ àti ti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá tín-ínrín jù kò lè bo gbágungbàgun ara búlọ́ọ̀kù. Èyí tó bá nípọn jù, ẹrù òkè á máa tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí kò tíì le, búlọ́ọ̀kù á sì rì kúrò ní ìwọ̀n tí a gbé e sí. Lóòótọ́, mọ́tà tó tó 20 tàbí 25 kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, búlọ́ọ̀kù tí gíga rẹ̀ kò dọ́gba ni ó fà á, kì í ṣe ọwọ́ bíríkìlà.

Búlọ́ọ̀kù tó gbẹ táútáú máa ń fa omi inú mọ́tà mu kí símẹ́ńtì tó ráyè le, nítorí náà a máa ń wọ́n omi sí i ṣáájú, láìjẹ́ kí ó rin gbingbin. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, a lè gbé búlọ́ọ̀kù kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kúrò: bí mọ́tà bá lẹ̀ mọ́ ojú méjèèjì, ó mú, bí abẹ́ búlọ́ọ̀kù bá mọ́ tónítóní, kò mú.

Mímú ìlà tẹ́jú

Ìlà àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ sí jù. Ká ní ògiri kan gùn ní mítà 6, a sì fi rọ́bà tí omi wà nínú rẹ̀ wọn orí ìpìlẹ̀, a wá rí i pé igun kan fi mìlímítà 15 rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. A ó fi mọ́tà 10 sí igun tó ga, 25 sí èyí tó rẹlẹ̀, mọ́tà àárín á sì máa nípọn díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé èkejì. Lẹ́yìn ìlà yìí, gbogbo mọ́tà padà di 10. Bí ìyàtọ̀ náà bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọnkéré ni kí a kọ́kọ́ fi tẹ́ ibi tó rẹlẹ̀, kì í ṣe mọ́tà.

Lẹ́yìn náà, a ó sàmì sára igi gbọọrọ kan ní gbogbo mìlímítà 235, èyí tíí ṣe gíga búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú mọ́tà rẹ̀, a ó sì fi igi kan náà yẹ igun méjèèjì wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Láìsí igi yìí, bí mọ́tà igun kan bá ń fi 3 péré ju ti èkejì lọ, ìyàtọ̀ náà á ti di 36 ní ìlà kejìlá, ojú lásán á sì rí i.

Igun ni a ń kọ́kọ́ gbé sókè, a ó wá na okùn láàárín wọn láti fi to àwọn yòókù. Búlọ́ọ̀kù kò gbọdọ̀ kan okùn náà, nítorí èyí tó bá tì í síta á mú gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e wọ́. Bí ògiri bá gùn, okùn máa ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín, a sì nílò búlọ́ọ̀kù kan tí a ti fi ìwọ̀n gbé síbẹ̀ láti gbé e ró. Ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni a sábà máa ń tò lójúmọ́, kí mọ́tà ìsàlẹ̀ lè le tó láti gba ẹrù ìlà tó kàn.