Ẹ̀rí ìndọ́kíṣọ̀n: bí dómínò kan ṣe ń ti èkejì ṣubú

Ibì kan wà nínú ẹ̀rí ìndọ́kíṣọ̀n tó máa ń kọ akẹ́kọ̀ọ́ lóminú. Olùkọ́ ní òun fẹ́ fi hàn pé gbólóhùn P(n) jẹ́ òótọ́ fún gbogbo odindi nọ́ńbà láti 1 lọ sókè. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún n = 1, ó bá a mu. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbà pé P(k) jẹ́ òótọ́." Ẹni tó ń gbọ́ á máa rò ó pé, ṣebí ohun tí a ń wá ẹ̀rí rẹ̀ gan-an nìyẹn? Báwo la ṣe wá gbà á ṣáájú ẹ̀rí? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí i, bí àkọ́sórí ni á máa kọ ẹ̀rí rẹ̀.

Fojú inú wo dómínò tí a tò ní ìlà kan tí kò lópin. A kọ 1 sára àkọ́kọ́, a kọ 2 sára èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dómínò n bá ṣubú, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé P(n) jẹ́ òótọ́. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo wọn ṣubú kò nílò àtifọwọ́ kàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun méjì péré ló máa yẹ̀ wò. Ṣé dómínò 1 ti ṣubú? Àti pé, ṣé dómínò kọ̀ọ̀kan sún mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e débi pé bí ọ̀kan bá ṣubú, èyí tó kàn ò ní lè dúró?

Ìbéèrè kejì yìí ni kí o tẹjú mọ́. O lè fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín dómínò 50 àti 51 nígbà tí gbogbo dómínò ṣì wà lóòró. "Bí 50 bá ṣubú, 51 á ṣubú" jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa àlàfo náà. Kò sọ pé 50 ti ṣubú, kò sì sọ pé yóò ṣubú láé. Iṣẹ́ tí "ká gbà pé P(k) jẹ́ òótọ́" ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. A mú k kan, èyíkéyìí tó bá wù wá, a wá béèrè pé: bí ó bá ṣubú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí k + 1? Rúlà la mú dání níbẹ̀, a ò tíì ti nǹkan kan. Àfi tí a bá gba P(n) fún gbogbo n lẹ́ẹ̀kan náà la tó lè sọ pé a ti fi ohun tí a ń wá ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti fi gbólóhùn yìí ṣàlàyé, torí pé gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìlà dómínò ló wà nínú rẹ̀:

2ⁿ > n²

Yẹ̀ ẹ́ wò. Ní n = 1, 2 ju 1 lọ, dómínò 1 ṣubú. Ní n = 2, 4 àti 4 ni, kò ju ara wọn lọ, dómínò 2 dúró. Ní n = 3, 8 kò tó 9, ó dúró. Ní n = 4, 16 àti 16, ó ṣì dúró. Ní n = 5, 32 ju 25 lọ, ó ṣubú.

Ó yá, ká wọn àlàfo. Ká ní P(k) jẹ́ òótọ́, ìyẹn ni pé 2ᵏ > k². Bí a bá fi 2 sọ apá méjèèjì di púpọ̀, a óò rí i pé

2ᵏ⁺¹ = 2 × 2ᵏ > 2k²

Ibi tí a ń lọ ni (k + 1)². Ó kù ká mọ̀ bóyá 2k² tó (k + 1)², tí í ṣe k² + 2k + 1. Kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, ìbéèrè náà á di: ṣé k² − 2k − 1 kò kéré sí 0? Bákan náà ló rí pẹ̀lú kí a béèrè pé, ṣé (k − 1)² tó 2? Bí k bá jẹ́ 2, 1 ni a ní, kò tó. Bí k bá jẹ́ 3, 4 ni, ó tó, kò sì ní sí ìgbà tí kò ní tó mọ́ láti ibẹ̀ lọ.

Rúlà wa ti sọ tẹnu rẹ̀: láti dómínò 3 lọ, àlàfo dára. Dómínò 1 ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí 2, kò lè kàn án. Dómínò 3 sún mọ́ 4 dáadáa, 4 náà sún mọ́ 5, àmọ́ kò sẹ́ni tó ti 3 tàbí 4 ṣubú, nítorí náà ìsúnmọ́ra wọn kò tíì wúlò fún wa. Dómínò 5 ni ọwọ́ wa tì, nígbà tí a ṣírò 32 àti 25. Láti 5 lọ, àlàfo dára, ọ̀kan sì ti ṣubú. Nítorí náà, 2ⁿ > n² fún gbogbo n láti 5 lọ sókè.

Rí i pé nọ́ńbà méjì ló jáde nínú iṣẹ́ yìí, 3 àti 5, iṣẹ́ wọn kò sì papọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ n = 1 wò, tó rí i pé ó tọ̀nà, tó wá ṣe ìgbésẹ̀ kejì láìkọ ibi tó ti lò ó pé k tó 3, yóò parí sí i pé gbólóhùn náà tọ̀nà fún gbogbo n. Irọ́ ni. Ibi tí àṣìṣe náà fara pa mọ́ sí ni ìlà tí ó ti ní 2k² tó (k + 1)². Bí o bá ń yẹ ẹ̀rí ara rẹ wò, wá irú ìlà bẹ́ẹ̀, kọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ k sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì wò ó bóyá dómínò tí o fọwọ́ ara rẹ tì wà láàárín àwọn tí àlàfo wọn dára. Dán an wò pẹ̀lú 2ⁿ > n³: àlàfo ti dára láti 4, torí 2 × 64 jẹ́ 128, 5³ sì jẹ́ 125, ṣùgbọ́n lẹ́yìn n = 1, kò sí èyí tó ṣubú títí o fi dé 10, níbi tí 1024 ti ju 1000 lọ.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, níbi tí gbogbo àlàfo dára láìsí dómínò kan tó ṣubú. Wo èyí:

1 + 2 + … + n = (2n + 1)²/8

Gbà á fún k, kí o fi k + 1 kún un. Apá ọ̀tún á di (4k² + 4k + 1 + 8k + 8)/8, ìyẹn (4k² + 12k + 9)/8, tí í ṣe (2k + 3)²/8. Ohun tí a ń wá fún k + 1 nìyẹn gẹ́lẹ́, kò sí àléébù kankan. Síbẹ̀, ní n = 1, apá òsì jẹ́ 1, apá ọ̀tún jẹ́ 9/8. Àròpọ̀ tó tọ́ ni n(n + 1)/2, (2n + 1)²/8 sì fi 1/8 jù ú lọ ní gbogbo ìgbà. Ìgbésẹ̀ kejì kò lè rí 1/8 yẹn, torí bó ṣe wà ní k náà ló ṣe wà ní k + 1. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fo n = 1, bó ti wù kó rọrùn tó.

Ohun kan ṣì wà tí ìlà dómínò kò lè ṣe. Dómínò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, a sì lè ka iye èyí tó ṣáájú rẹ̀ tán. Kò sí èyí tí a kọ "àìlópin" sí lára. Mú 1 + 1/2 + 1/4 + … + 1/2ⁿ. Ìndọ́kíṣọ̀n á fi hàn ọ́ pé àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2 − 1/2ⁿ, nítorí náà kò tó 2, ibi yòówù kí n dé. Àmọ́ bí a bá rò ó láìdúró níbì kankan, 2 gan-an ni àròpọ̀ náà. Fún àròpọ̀ aláìlópin yẹn, ẹ̀rí míì lo máa wá.