Bọ́ọ̀dù sẹ́ńsọ̀ tuntun tí ò mú nọ́ńbà kankan wá

Ká ní bọ́ọ̀dù tuntun ni, BME280, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti ìwúwo afẹ́fẹ́, ló wà lórí ẹ̀, iná ti wọ̀ ọ́, kóòdù ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí nọ́ńbà kankan. Kóòdù lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjú sí, tí wọ́n á máa tún un kọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mọ́tímítà ló yẹ kó ṣáájú o.

Ẹ yọ iná, kẹ́ ẹ yí mítà sí ibi tó ti máa ń dún, kẹ́ ẹ fi kan 3.3V àti gíráǹdì. Tó bá ń dún láìdákẹ́, lẹ́ẹ̀dì ti so wọ́n pọ̀ níbì kan, ẹ má tíì fún un níná. Tí ò bá dún, ẹ dáná padà sí i kẹ́ ẹ wọn fóòtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an, torí iná lè dé ẹnu bọ́ọ̀dù kó má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Abẹ́ ni ẹsẹ̀ BME280 wà, ẹnu mítà ò lè kàn án, kàpásítọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lẹ máa wọ̀n. Lẹ́yìn náà ẹ wọn SDA àti SCL, wáyà méjì tí sẹ́ńsọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà I2C, nígbà tí ọ̀rọ̀ kankan ò lọ lórí wọn: 3.3V ló yẹ kí méjèèjì wà. Tí ọ̀kan bá wà nílẹ̀, bóyá ẹnì kan gbàgbé rẹsísítọ̀ 4.7k tó ń fà á sókè, àbí nǹkan kan dì í mọ́lẹ̀.

Ká ní gbogbo ìyẹn dáa. Mítà ò lè bá ọ̀rọ̀ tí wáyà yẹn ń sọ, ó ti yá jù fún un, ibẹ̀ ni lọ́jíìkì ánáláísà, ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí wáyà, ti wúlò. Ẹ so gíráǹdì ẹ̀ mọ́ ti bọ́ọ̀dù (láìṣe bẹ́ẹ̀ pàǹtírí lẹ máa rí), D0 sí SDA, D1 sí SCL, kẹ́ ẹ ṣí PulseView lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ yan 4 MHz àti I2C. Ohun tó jáde rèé:

```
Start
Address write: 76
NACK
```

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kóòdù pe 0x76, sẹ́ńsọ̀ sì yẹ kó fa SDA wálẹ̀ ní ìlù kẹsàn-án kó fi jẹ́ ẹ, kò fà á, òun ni NACK. Yálà kò gbọ́, tàbí kì í ṣe orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ padà sí mítà, ẹ wọn SDO, ẹsẹ̀ tó ń pinnu orúkọ sẹ́ńsọ̀: 3.3V ló wà. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe, torí SDO tó bá wà ní gíráǹdì ló ń jẹ́ 0x76, èyí tó wà lókè 0x77 ni. (Tó bá jẹ́ gíráǹdì ni SDO wà, CSB, ẹsẹ̀ tó ń yan ọ̀nà tí sẹ́ńsọ̀ máa gbà sọ̀rọ̀, ló kàn, tíyẹn bá ti fìgbà kan wálẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á gba ọ̀nà SPI lọ, kò ní dá I2C lóhùn mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá yọ iná tẹ́ ẹ sì dá a padà.)

Ẹ yí kóòdù sí 0x77, ACK á jáde. Kẹ́ ẹ wá ka 0xD0, ibi tí sẹ́ńsọ̀ ti ń sọ irú èyí tó jẹ́: 0x60 ni BME280 máa fi dáhùn. Tó bá jẹ́ 0x58 lẹ rí, BMP280 ni wọ́n tà fún yín, kò lè wọn ọ̀rinrin rárá, kóòdù BME280 sì lè kọ̀ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ láìka pé wáyà kankan ò bàjẹ́.