“Fóònù mi ò ṣiṣẹ́”: àwọn ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú títú u

Ẹni tó ní “fóònù mi ò ṣiṣẹ́” kò tíì sọ ohun tó rí. Ìdájọ́ ló ti dá. Bátìrì tó gbẹ tán lè wà lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, sikirínì tó bàjẹ́ lè wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé dátà ló tán. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ni láti dá a padà sórí ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí ọwọ́ sì ṣe.

Ìbéèrè tó ń ṣe èyí ni: “Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe, kí ni fóònù wá ṣe?” Kò yẹ ká fi “Ṣé bátìrì ni?” bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdáhùn ti wà nínú ìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn ní “Ó jọ bẹ́ẹ̀,” atúnfóònùṣe á sì máa wá àìsàn tí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ. Nígbà tí a bá bi í bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ á yà sọ́tọ̀: ojú fóònù ò tàn rárá, tàbí ó tàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ti ọwọ́, tàbí ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ìpè àti dátà ò kọjá, tàbí ó máa ń kú fúnra rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò jọra. Ti àkọ́kọ́ ló ń tan èèyàn jù, òun la ó tọ̀ dópin.

Ká ní ìdáhùn rẹ̀ ni: “Mo tẹ bọ́tìnì láàárọ̀ yìí láti wo aago, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.” Ohun tó kàn ni ká mọ̀ bóyá fóònù ló kú tàbí ojú rẹ̀ nìkan. “Ṣé álààmù dún láàárọ̀? Tí wọ́n bá pè yín, ṣé ó ń dún?” Ká fi fóònù mìíràn pè é lójú ẹsẹ̀, kí tiwọn sì wà lọ́wọ́ wa, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pa ohùn rẹ̀, tó jẹ́ pé gbígbọ̀n nìkan ló máa ṣe. Bó bá dún tàbí tó gbọ̀n, ìpè kan yẹn ti dá bátìrì, síìmù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì láre, ó sì ti dá èyí tó pọ̀ jù nínú páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó inú fóònù tó so gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, láre pẹ̀lú. Sikirínì àti ọ̀nà tó so ó mọ́ páńẹ́ẹ̀lì ló kù. Mi ò mọ ìdánwò mìíràn tí kì í náni ní nǹkan kan tó sì ń sọ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Bí ẹni tó ń pè bá gbọ́ pé nọ́ńbà náà ò lọ, kò túmọ̀ sí pé fóònù ti kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí níbẹ̀. Bó bá sì gbọ́ dídún ní etí tirẹ̀, tí fóònù tó wà lọ́wọ́ wa ò gbọ̀n, ká béèrè bóyá wọ́n ti yọ síìmù náà sínú fóònù mìíràn, tàbí wọ́n ti darí ìpè síbòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi fóònù tí kò dún sí iná, ìbéèrè kan gbọ́dọ̀ ṣáájú: “Ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ dáadáa gbẹ̀yìn, ibo ló sì wà láti ìgbà náà?” Ọ̀rọ̀ omi ló fà á. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, iná tó bá a níbẹ̀ á mú kí irin inú rẹ̀ tètè dípẹtà, ó sì lè jó nǹkan tí ì bá là. Bí a ṣe béèrè ṣe pàtàkì. “Ṣé ẹ jẹ́ kó já bọ́ sómi ni?” dà bí ẹ̀sùn, ẹni tó bá sì gbọ́ ẹ̀sùn á sẹ́. “Ibo ló wà?” kì í dẹ́rù bani: wọ́n á ní ó wà nínú àpò nígbà tí òjò ń rọ̀, tàbí ó wà ní balùwẹ̀. Nínú ihò síìmù ọ̀pọ̀ fóònù, bébà funfun kékeré kan wà tó máa ń pọ́n bí omi bá kàn án. Bó bá pọ́n, kí wọ́n má fi í sí iná. Bó bá ṣì funfun, kò fi hàn pé omi ò wọlé. Omi lè gba ihò ṣájà wọlé láìkan bébà yẹn.

Níbẹ̀ náà la ti ń béèrè pé, “Kí lẹ ti ṣe sí i láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀?” Ẹlòmíì ti tú u rí, ẹlòmíì ti fi í sí iná ní gbogbo òru.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ omi, tí kò sì dún, ká béèrè irú ṣájà àti okùn tí wọ́n ń lò, ká wá fi èyí tó ń gbé iná wọ fóònù mìíràn dáadáa rọ́pò. Ká fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó sọ pé kò gbà á, nítorí bátìrì tó gbẹ kọjá ààlà, iná díẹ̀díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà, ojú fóònù sì lè má fi nǹkan kan hàn. Lẹ́yìn náà, ká tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ kó lè tún bẹ̀rẹ̀, torí ojú fóònù tó kàn dákú máa ń dúdú bíi ti èyí tó kú gan-an. Lórí ọ̀pọ̀ Áńdírọ́ìdì, bọ́tìnì iná àti ti dídín ohùn kù la ń tẹ̀ pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20. Lórí áífóònù 8 àtàwọn tó tẹ̀ lé e, a ó tẹ ti fífi kún ohùn ká fi í sílẹ̀, a ó tẹ ti dídín ohùn kù ká fi í sílẹ̀, a ó wá di ti ẹ̀gbẹ́ mú títí àmì èso ápù yóò fi yọ. Èyí kì í pa nǹkan kan rẹ́.

Nínú ọ̀ràn tiwa, fóònù dún nígbà tí a pè é, wọ́n sì sọ pé ó já láti orí ibùsùn lánàá. Gíláàsì rẹ̀ ò là. Ká tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí àwòrán bá hàn fírífírí, iná tó wà lẹ́yìn sikirínì ló kú. Irú sikirínì tí kò ní iná lẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tàn, ìdánwò yìí ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni títú rẹ̀ tó ní ìdí. A ó kọ́kọ́ já bátìrì, a ó wá yọ orí okùn pẹlẹbẹ tó so sikirínì mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, ká tún un tẹ̀ wọlé dáadáa, nítorí jíjábọ́ lè ṣí i. Bí kò bá tàn síbẹ̀, ká fi sikirínì mìíràn tó dára dán an wò kí a tó ní kí wọ́n ra tuntun.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu fóònù bẹ́ẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á. Nínù kò lè so okùn tó ṣí, àwòrán àti nọ́ńbà tó wà láàyè nínú fóònù náà ló máa pa rẹ́. Nígbà tó bá sì tàn, ohun tí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ sọ la ó fi dán an wò: ká tẹ bọ́tìnì, ká wo aago, ká tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ká fọwọ́ kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa.