Kóńgò ni Gapdh: ibi tí ìṣirò ΔΔCt ti ń tan ni jẹ

Bí ẹ̀rọ qPCR, èyí tí a fi ń mọ bí ẹ̀dà jíìnì kan ṣe pọ̀ tó, ṣe ń gbóná tí ó ń tutù kò ní gba àkókò wa lónìí. Nọ́ńbà tí ó ń gbé jáde lójú kọ̀ǹpútà, ìyẹn Ct, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní àyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà jíìnì tí a ń wá ń di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú ike kékeré tí a fi í sí jáde sì ń pọ̀ sí i. Ct ni iye àyípo tí ìmọ́lẹ̀ náà lò kó tó kọjá ìlà tí a fà fún un. Ẹ̀dà tó bá pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ á tètè dé ìlà, nítorí náà ohun tó pọ̀ ló ń ní Ct kékeré. Ẹni tí Ct rẹ̀ jẹ́ 24 fi ìlọ́po méjì ju ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 25 lọ.

Ká wá ní yàrá ìwádìí kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń fún àwọn eku alátọ̀gbẹ ní omi ewúro. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ewúro náà mú kí Pck1 dínkù nínú ẹ̀dọ̀. Pck1 wà lára àwọn jíìnì tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ṣúgà tuntun, ínsúlínì ló sì máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ct Pck1 jẹ́ 24 nínú eku tí kò mu ewúro, ó jẹ́ 26 nínú èyí tó mu ún. Lójú lásán, ó ti dínkù sí ìdámẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé lára eku kejì ló kéré, tàbí pé RNA rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara jíìnì, ti bàjẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú yìnyín, tàbí pé sísọ RNA di cDNA, ìyẹn irú DNA tí ẹ̀rọ náà lè sọ di púpọ̀, kò lọ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ct Pck1 nìkan kò lè sọ èwo ni.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn jíìnì kejì nínú cDNA kan náà, èyí tí wọ́n gbà pé ewúro kò ní í fọwọ́ kàn. Ohun tó bá ṣe RNA níbi gígé, níbi fífọ̀, níbi sísọ ọ́ di cDNA, ó ṣe àwọn jíìnì méjèèjì pọ̀. Tí a bá yọ Ct ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì, gbogbo àṣìṣe ọwọ́ yẹn á bá a lọ. Èsì ìyọkúrò yìí ni ΔCt, ìyàtọ̀ láàárín ΔCt eku méjèèjì ni ΔΔCt. Ká ní jíìnì Gapdh ni wọ́n lò, tí Ct rẹ̀ sì jẹ́ 18 nínú eku méjèèjì:

```
ΔCt (kò mu ewúro) = 24 - 18 = 6
ΔCt (mu ewúro)    = 26 - 18 = 8
ΔΔCt = 8 - 6 = 2
2^-ΔΔCt = 2^-2 = 0.25
```

Ìdámẹ́rin náà ni, ṣùgbọ́n èyí ti ní ẹ̀rí lẹ́yìn.

Ẹ wo bí ẹni tó ń ra gàrí lọ́jà Odò-Ògbè ṣe ń ṣe é. Kò mọ ìwọ̀n kóńgò ìyá oníṣòwò, kò sì ní òṣùwọ̀n lápò. Bóyá wọ́n ti lu ìdí kóńgò náà wọnú, bóyá wọn kò lù ú. Tó bá jẹ́ kóńgò kan ṣoṣo ni ìyá náà fi wọn ti àná àti ti òní, ẹni tó ra gàrí kóńgò méjì lánàá tó sì ra ẹyọ kan lónìí mọ̀ dájú pé ìdajì ti àná ni òun gbé lọ sílé. Kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí kò ba ìfiwéra jẹ́ rárá. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín àná àti òní. Ibi tí ọgbọ́n ọ̀nà yìí wà gan-an nìyẹn: kò sẹ́ni tó nílò láti mọ iye ẹ̀dà Gapdh tó wà nínú ẹ̀dọ̀, ohun tí a nílò ni pé kó má yí padà láti eku dé eku.

Ibẹ̀ náà ni ohun tó ń bí ènìyàn nínú wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tó ń kọ́ wọn, ló gbà pé Gapdh kì í yí padà, torí pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń lò ó lójoojúmọ́. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń lò lójoojúmọ́ kọ́ ni ohun tí kì í pọ̀ tàbí dínkù. Gapdh jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáímù tó ń fọ́ ṣúgà, ínsúlínì sì lè mú kí jíìnì rẹ̀ pọ̀ sí i. Kí ènìyàn wá fi í ṣe kóńgò nínú ìwádìí àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ di kí a gbé òṣùwọ̀n fún ẹni tí a fẹ́ wọn. Livak àti Schmittgen, tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí ìwé wọn ti 2001 fún ìṣirò yìí, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba Gapdh gbọ́ láìdán an wò. Nínú ìwé yẹn gan-an, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún ní omi ara ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì rí i pé kò yẹ fún iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó lè ti ibẹ̀ jáde. Ká ní ewúro kò ṣe Pck1 ní nǹkan kan, Ct rẹ̀ jẹ́ 24 nínú eku méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí àtọ̀gbẹ eku náà ṣe ń rọlẹ̀, Gapdh rẹ̀ di ìlọ́po méjì, Ct rẹ̀ sì bọ́ láti 18 sí 17. ΔCt á di 6 àti 7, ΔΔCt á jẹ́ 1, èsì á sì jẹ́ 0.5. Wọn á kọ ọ́ sínú ìwé pé ewúro mú Pck1 dínkù sí ìdajì, nígbà tí Pck1 kò mira rárá. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà á fi kìlọ̀ fún wọn.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò le. Kí a wọn RNA dọ́gba kí a tó sọ ọ́ di cDNA, kí a wá to Ct Gapdh nìkan sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan lápá ọ̀tún, ẹgbẹ́ kejì lápá òsì. Bí ó bá ń lọ sókè sódò láàárín àwọn eku ẹgbẹ́ kan náà, ọwọ́ ló ṣe é, ìyọkúrò á sì tún un ṣe. Bí gbogbo àwọn tó mu ewúro bá wà nítòsí 17, tí gbogbo àwọn tí kò mu ún wà nítòsí 18, ewúro ti fọwọ́ kan kóńgò nìyẹn. Kí wọ́n wá òmíràn, bíi Hprt1 tàbí B2m, kí wọ́n dán òun náà wò bákan náà. Èyí tó dára jù ni kí a lo méjì tàbí mẹ́ta tó yege, kí a fi àròpín Ct wọn rọ́pò ti ẹyọ kan.

Nọ́ńbà 2 tó wà nínú ìṣirò náà tún ní ìlérí tirẹ̀: pé ẹ̀dà jíìnì méjèèjì ń di ìlọ́po méjì géérégé ní gbogbo àyípo. Láti dán èyí wò, wọn á bu omi sí cDNA ní ìdámẹ́wàá-ìdámẹ́wàá, wọn á sì ya Ct sí orí lógáríìmù iye rẹ̀. Bí ìlà náà bá gẹ̀rẹ́ ní -3.32, ìlọ́po méjì ni. Bí ti jíìnì kan bá jẹ́ -3.3 tí ti èkejì jẹ́ -3.9, ọ̀nà yìí kò bá wọn mu. Ìṣirò tí Pfaffl gbé jáde ní 2001 kan náà, tó fún jíìnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ni kí wọ́n lò.

Gbogbo àròpín àti ìdánwò ìṣirò, orí ΔCt ni ká ti ṣe wọn, ká tó wá gbé 2 sókè níkẹyìn. Bí ΔΔCt bá jẹ́ 2, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.5 sókè, 0.5 sísàlẹ̀, èsì rẹ̀ ń ti 0.18 lọ sí 0.35, kì í ṣe iye kan náà lápá méjèèjì 0.25. Ẹni tó bá rí àwòrán tí ọ̀pá àṣìṣe rẹ̀ gùn dọ́gba sókè sódò lórí 2^-ΔΔCt lè bi ẹni tó yà á léèrè ibi tó ti ṣe àròpín rẹ̀.