Onígbáméjì tó le: ìdí tí dírípù kò fi gbọdọ̀ máa kán tótó

Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí dírípù sílẹ̀ tó ń ṣàn fún ẹni tí onígbáméjì kọ lù, ará ilé a máa pariwo pé kó rọra, kí omi má baà dá ọkàn dúró. Àwọn mìíràn gbà pé àpò kan ti tó, kí ó kàn máa kán tótó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ̀rù yìí kò ṣàdédé wá: fún ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, omi tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà léwu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí onígbáméjì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, omi ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé ọkàn kò rí ohun tí yóò tì káàkiri ara. Ìfarabalẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa á.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ wo ojú rẹ̀, bóyá ó ti jìn wọnú. Ẹ fún un ní omi, kí ẹ wo bó ṣe ń mu ún. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, tí ojú rẹ̀ jìn, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an, tí awọ náà sì ń fà kó tó padà, méjì nínú ìwọ̀nyí tó láti sọ pé omi ti dínkù lára rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lè fi ẹnu mu omi oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní ó-ár-ẹ́ẹ̀sì, mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 4.

Ó ti le gan-an bí aláìsàn bá rọ jọwọrọ tàbí tí kò mọ ohun tó ń lọ mọ́, tàbí tí ìlù iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ẹ́ ṣeé gbọ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí ti tó. Bí ojú bá jìn, tí kò lè mu omi, tí awọ sì dúró sókè ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ, méjì nínú mẹ́ta yìí náà ti tó. Ẹ má gbára lé awọ nìkan o, nítorí awọ arúgbó tó rù lè má tètè padà bí omi tilẹ̀ pé lára rẹ̀. Ohun tó máa ń tan ará ilé jẹ jù ni pé ẹni tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún omi dákẹ́ lójijì. Wọ́n á ní ara ti ń tù ú, bẹ́ẹ̀ agbára àtimu omi ló ti tán.

Ká mú àgbàlagbà kan tó wọn kílò 60. Bó bá ti dé ìpele yìí, ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀, ìyẹn lítà 6. Mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan, tí í ṣe lítà 1.8, gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń lò kó tó lè yá tó bẹ́ẹ̀. Lítà 4.2 tó kù yóò wọlé láàárín wákàtí méjì àbọ̀. Àpò onídajì lítà kan ṣoṣo jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá ohun tó nílò. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ tún di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú: bí ìlù iṣan bá ṣì rọ, ẹ tún lítà 1.8 náà ṣe ní ìwọ̀n kan náà. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ìlànà kan náà ni, àmọ́ mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan yóò gba wákàtí kan, 70 tó kù fún kílò kọ̀ọ̀kan yóò sì gba wákàtí 5.

Gbogbo ìṣirò yìí kò kan ohun tó ṣì ń jáde. Ẹlòmíràn lè yà tó lítà kan láàárín wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lu ihò sí, kí wọ́n lè wọn ohun tó ń jáde, kí wọ́n sì dá a padà. Gbàrà tó bá ti lè gbé omi mì, kó máa mu ó-ár-ẹ́ẹ̀sì bí dírípù ṣe ń lọ.

Omi dírípù tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni Ríngà Láktéètì. Bí kò bá sí, omi iyọ̀ ṣeé lò. Omi ṣúgà lásán kò tó: kò ní iyọ̀ tí yóò dá omi dúró nínú iṣan.

Ẹni tó ní àrùn ọkàn àti ọmọ tí àìjẹunrekánú ti bà jẹ́ gan-an kò sí nínú ìṣirò yìí; ìlànà tiwọn lọ́ra jù bẹ́ẹ̀. Fún gbogbo ẹni tó ń gba omi, bí ìpéǹpéjú bá wú, tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, tí mímí sì ń ṣòro, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, kí wọ́n dín in kù lójú ẹsẹ̀.